Nọ́ńbà wo la lè gbà gbọ́? Ìlànà Dijkstra lórí àtẹ ìjìnnà

Ohun tó máa ń rú ènìyàn lójú nínú ìlànà Dijkstra, èyí tí a fi ń wá ọ̀nà tó kúrú jù láti ibì kan sí òmíràn, kì í ṣe ìṣirò inú rẹ̀. Ìṣirò náà kò ju pé ká ro nọ́ńbà méjì pọ̀, ká sì wo èyí tó kéré nínú méjì. Àtẹ tí a ń kọ àwọn nọ́ńbà náà sí ni wàhálà. Ènìyàn á rí 10 lábẹ́ lẹ́tà kan, kó tó wo ìlà tó tẹ̀ lé e, 10 ti di 7. Á rí 12 níbòmíràn, 12 náà kò sì yí padà mọ́ títí iṣẹ́ fi parí. Á wá máa bi ara rẹ̀ pé ìgbà wo gan-an ni òun lè gba nọ́ńbà kan gbọ́. Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ dáhùn níbí, torí ẹni tó bá ti mọ ìdáhùn rẹ̀ ti mọ ìlànà náà.

Edsger Dijkstra, ọmọ orílẹ̀-èdè Nẹ́dálándì, ló ronú kan ìlànà yìí ní 1956. Ó ń ṣiṣẹ́ ní Amsterdam nígbà náà, níbi tí wọ́n ti ṣe kọ̀ǹpútà tuntun kan tó ń jẹ́ ARMAC. Ó fẹ́ fi kọ̀ǹpútà náà han àwọn tí kì í ṣe onímọ̀ ìṣirò, ó sì ń wá ìṣòro tí ẹnikẹ́ni lè lóye. Ohun tó mú ni ìlú 64 ní Nẹ́dálándì àti àwọn ọ̀nà tó so wọ́n pọ̀: láti ìlú kan sí òmíràn, ọ̀nà wo ló kúrú jù? Ó sọ lẹ́yìn náà pé bí ogún ìṣẹ́jú ni òun fi ronú rẹ̀, nígbà tí òun àti àfẹ́sọ́nà òun jókòó tí wọ́n ń mu kọfí, láìsí ìwé, láìsí pẹ́ńsù. Ó ní àìsí ìwé yẹn gan-an ló jẹ́ kí òun yàgò fún gbogbo ohun tó lè mú un díjú. Ọdún 1959 ló tó tẹ̀ ẹ́ jáde.

Àwa ò ní ṣe tiwa lórí lásán. Ẹ mú ìwé.

Àwòrán tí a ó lò

Oríta mẹ́fà ló wà nínú àwòrán wa: A, B, D, E, F àti G. Ọ̀nà mẹ́jọ ló so wọ́n pọ̀, ọ̀nà kọ̀ọ̀kan sì ní iye tirẹ̀:

```
A–B  4      A–D  3
B–E  3      B–F  8
D–E  7      E–F  6
E–G  9      F–G  2
```

Ẹ ya A sí apá òsì, B sí òkè, D sí ìsàlẹ̀, E sí àárín, F sí òkè lápá ọ̀tún, kí ẹ wá fi G sí ìpẹ̀kun ọ̀tún. Ẹ fa ìlà láàárín àwọn tó so pọ̀, kí ẹ kọ iye rẹ̀ sára ìlà náà. Gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí ṣeé gbà lọ, wọ́n sì ṣeé gbà bọ̀, iye kan náà ni lọ́nà méjèèjì. Nọ́ńbà náà lè dúró fún kìlómítà, ó lè dúró fún ìṣẹ́jú tàbí owó. Ohun kan ṣoṣo tí ìlànà yìí béèrè ni pé kò gbọdọ̀ sí ọ̀nà tí iye rẹ̀ kéré ju 0 lọ. A ó padà sórí ìdí rẹ̀.

Ìbéèrè wa ni pé: láti A dé G, ọ̀nà wo ló kúrú jù?

Ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn ni pé kí a máa gba ọ̀nà tó kúrú jù ní oríta kọ̀ọ̀kan tí a bá dé. Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí ìyẹn á gbé wa dé. Láti A, ọ̀nà D ló kúrú jù, ó jẹ́ 3. Láti D, bí a kò bá padà sẹ́yìn, E nìkan ló kù, 7. Láti E, ọ̀nà tó kúrú jù ni ti B, 3. Láti B, F ló kù, 8. Láti F, 2 ló gbé wa dé G. Ẹ ro ó pọ̀: 3 àti 7 àti 3 àti 8 àti 2 jẹ́ 23. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀nà kan wà tí kò ju 14 lọ, a ó sì rí i láìpẹ́.

Ẹni tó rin ìrìn yẹn ń wo iwájú ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan. Ìlànà Dijkstra kò rin ibì kankan. Ó dà bí ẹni tó jókòó síbì kan, tó ń wo gbogbo oríta lẹ́ẹ̀kan náà, tó sì ń kọ ohun tó ti mọ̀ nípa ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Bí ó bá fẹ́ mọ oríta tó kàn, kì í wo èyí tó sún mọ́ ibi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wò. Èyí tó sún mọ́ A jù lọ nínú àwọn tó kù ló ń wò. Ìyàtọ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rí, mo sì fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn kí a tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun mẹ́ta tí a ń kọ

Fún oríta kọ̀ọ̀kan, ohun mẹ́ta ni àtẹ wa ń pa mọ́. Èkíní ni iye ọ̀nà tó kúrú jù tí a tíì rí láti A dé ibẹ̀. Èkejì ni oríta tí a gbà kọjá kẹ́yìn kí a tó dé ibẹ̀. Ẹ̀kẹta ni bóyá a ti fi òǹtẹ̀ lù ú tàbí a kò tíì fi lù ú. Òǹtẹ̀ yìí ni ìdáhùn sí ìbéèrè tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà tí kò ní òǹtẹ̀ jẹ́ ohun tí a gbọ́ títí di ìsinsìnyí, ó ṣì lè dínkù. Nọ́ńbà tó ti ní òǹtẹ̀ ti parí, kò ní yí padà mọ́ láéláé.

Iṣẹ́ náà kò ju ohun méjì lọ, tí a ó máa ṣe léraléra. A ó wo gbogbo oríta tí kò tíì ní òǹtẹ̀, a ó mú èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré jù, a ó fi òǹtẹ̀ lù ú. Lẹ́yìn náà, a ó wo gbogbo alámùúlégbè oríta yẹn tí kò tíì ní òǹtẹ̀. A ó ro iye oríta tuntun yìí pọ̀ mọ́ iye ọ̀nà tó lọ sọ́dọ̀ alámùúlégbè náà. Bí àròpọ̀ bá kéré ju ohun tó wà lábẹ́ alámùúlégbè, a ó pa ti tẹ́lẹ̀ rẹ́, a ó kọ tuntun, a ó sì yí oríta tí a gbà kọjá padà pẹ̀lú. Bí kò bá kéré, a ó fi sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ẹni tó bá fẹ́ kọ apá kejì yìí fún kọ̀ǹpútà, ohun tí yóò kọ kò gùn:

```
if d[u] + w < d[v]:
    d[v] = d[u] + w
    p[v] = u
```

Níbẹ̀, `u` ni oríta tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òǹtẹ̀ lù, `v` ni alámùúlégbè rẹ̀, `w` ni iye ọ̀nà tó wà láàárín wọn, `d` ni nọ́ńbà inú àtẹ, `p` sì ni oríta tí a gbà kọjá.

A ń kọ ọ́ ní ìlà kọ̀ọ̀kan

Kí a tó ṣe ohunkóhun, a kọ 0 sábẹ́ A, torí láti A dé A kò ná wa ní nǹkan kan. A kọ ∞ sábẹ́ gbogbo àwọn yòókù. Àìlópin ni àmì yìí túmọ̀ sí, ṣùgbọ́n ohun tó ń sọ níbí ni pé a kò tíì rí ọ̀nà kankan débẹ̀. Mo ti rí àwọn tó kọ 0 síbẹ̀ dípò ∞, bóyá torí ó dà bí ibi tó yẹ kí ènìyàn ti bẹ̀rẹ̀. Àṣìṣe tó ba gbogbo iṣẹ́ jẹ́ ni. Kò sí àròpọ̀ tí yóò kéré ju 0, nítorí náà kò sí nọ́ńbà kankan tí yóò lè wọlé mọ́.

Ó yá. Oríta A ní 0, òun ló kéré jù, a fi òǹtẹ̀ lù ú. Àwọn alámùúlégbè A ni B àti D. Fún B, 0 àti 4 jẹ́ 4, ó kéré ju ∞, a kọ 4, a sì kọ pé A la gbà. Fún D, 0 àti 3 jẹ́ 3, a kọ 3, A náà la gbà.

Nínú àwọn tí kò ní òǹtẹ̀, D ló kéré jù báyìí pẹ̀lú 3. A fi òǹtẹ̀ lù ú. Alámùúlégbè D tí kò tíì ní òǹtẹ̀ ni E nìkan. 3 àti 7 jẹ́ 10. A kọ 10 sábẹ́ E, a sì kọ pé D la gbà.

Níbí ni kí ẹ ti dúró díẹ̀. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí D, D sì so mọ́ E, nítorí náà ọwọ́ ènìyàn á fẹ́ lọ tààrà sórí E. Àtẹ ló yẹ ká bi. B ní 4, E ní 10, F àti G ṣì jẹ́ ∞. B ló kéré jù. Kò sí ọ̀nà kankan láàárín D àti B nínú àwòrán wa, ìyẹn kò sì dí wa lọ́wọ́ rárá, torí a kò rìn. A fi òǹtẹ̀ lu B ní 4, a sì wo àwọn alámùúlégbè rẹ̀. Oríta A ti ní òǹtẹ̀, a fò ó. Fún E, 4 àti 3 jẹ́ 7. Ohun tó wà lábẹ́ E tẹ́lẹ̀ ni 10, 7 sì kéré jù ú, nítorí náà 10 kú, 7 wọlé. Ẹ má gbàgbé láti yí ibi tí a gbà padà pẹ̀lú: D tẹ́lẹ̀, B ni báyìí. Ẹni tó bá yí nọ́ńbà nìkan tó sì fi D sílẹ̀ yóò ní nọ́ńbà tó tọ́ pẹ̀lú ọ̀nà tí kò tọ́, àṣìṣe yẹn kì í sì tètè hàn. Fún F, 4 àti 8 jẹ́ 12, a kọ ọ́, B la gbà.

Àwọn tó kù ni E pẹ̀lú 7, F pẹ̀lú 12, àti G tó ṣì jẹ́ ∞. E ló kéré jù, a fi òǹtẹ̀ lù ú ní 7. Láti E lọ sí F, 7 àti 6 jẹ́ 13. Ohun tó wà lábẹ́ F ni 12. Àròpọ̀ tuntun kò kéré, a kò fọwọ́ kan F. Láti E lọ sí G, 7 àti 9 jẹ́ 16, a kọ 16 sábẹ́ G, E la gbà.

A ti rí G o! Ibi tí a ń lọ gan-an ti ní nọ́ńbà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dúró síbí, wọ́n á sọ pé 16 ni ìdáhùn, wọ́n á sì kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n G kò tíì ní òǹtẹ̀. F ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú 12, ó kéré ju 16, a kò sì tíì gbọ́ ohun tí F ní láti sọ nípa G. A fi òǹtẹ̀ lu F ní 12. Láti F lọ sí G, 12 àti 2 jẹ́ 14. 16 kú, 14 wọlé, F la gbà báyìí. G nìkan ló kù, a fi òǹtẹ̀ lù ú ní 14. Iṣẹ́ parí.

Bí a bá to gbogbo rẹ̀ sínú àtẹ, bí yóò ṣe rí nìyí. Lẹ́tà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà ni oríta tí a gbà kọjá. ✓ Ni òǹtẹ̀.

| Ìlà | A fi òǹtẹ̀ lu | A | B | D | E | F | G |
|---|---|---|---|---|---|---|---|
| 0 | – | 0 | ∞ | ∞ | ∞ | ∞ | ∞ |
| 1 | A | 0 ✓ | 4 A | 3 A | ∞ | ∞ | ∞ |
| 2 | D | 0 ✓ | 4 A | 3 A ✓ | 10 D | ∞ | ∞ |
| 3 | B | 0 ✓ | 4 A ✓ | 3 A ✓ | 7 B | 12 B | ∞ |
| 4 | E | 0 ✓ | 4 A ✓ | 3 A ✓ | 7 B ✓ | 12 B | 16 E |
| 5 | F | 0 ✓ | 4 A ✓ | 3 A ✓ | 7 B ✓ | 12 B ✓ | 14 F |
| 6 | G | 0 ✓ | 4 A ✓ | 3 A ✓ | 7 B ✓ | 12 B ✓ | 14 F ✓ |

Ẹ ka àtẹ yìí láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, lábẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo. Lábẹ́ E, ẹ ó rí ∞, lẹ́yìn náà 10, lẹ́yìn náà 7, tí òǹtẹ̀ wá dé. Lábẹ́ G, ∞, 16, 14, òǹtẹ̀. Nọ́ńbà abẹ́ lẹ́tà kan kì í lọ sókè rárá, ó máa ń dínkù tàbí kó dúró síbi tó wà. Bí ẹ bá rí ibi tó ti lọ sókè nínú àtẹ tiyín, ẹ ti kọ àròpọ̀ tuntun lé ti tẹ́lẹ̀ lórí láìkọ́kọ́ wò bóyá ó kéré.

Láti rí ọ̀nà fúnra rẹ̀, ẹ̀yìn la ti ń kà á. G sọ pé F la gbà. F sọ pé B la gbà. B sọ pé A la gbà. A yí i padà, ó di A, B, F, G: 4 àti 8 àti 2, 14. Ẹ kíyè sí i pé ọ̀nà B sí F, tó jẹ́ 8, wà lára àwọn ọ̀nà tó gùn jù nínú gbogbo àwòrán, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà tó kúrú jù gba orí rẹ̀ kọjá. Arìnrìn-àjò wa ìṣáájú, ẹni tó ń yan kúkúrú ní gbogbo oríta, ti kọ́kọ́ sá fún B tó jẹ́ 4 torí D jẹ́ 3. Ó padà wá gba B lẹ́yìn náà, nígbà tí ó ti ná 13, ó sì tún gba 8 yẹn náà.

Bí ẹ bá béèrè fún ọ̀nà A sí E dípò G, ẹ kò ní tún iṣẹ́ ṣe. Ó ti wà nínú àtẹ: E, B, A, iye rẹ̀ 7. Àtẹ kan láti A ń dáhùn fún gbogbo oríta. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ G nìkan lẹ fẹ́, ẹ lè dúró ní kété tí G bá gba òǹtẹ̀, ẹ kò ní dúró de àwọn tó kù. Òǹtẹ̀ ni kí ẹ dúró dè, kì í ṣe nọ́ńbà àkọ́kọ́.

Kí ló fún òǹtẹ̀ lágbára?

Kí ló dé tí a fi lè sọ ní ìlà kejì pé 3 ni D títí láé, nígbà tí a kò tíì wo ìdajì àwòrán? Ẹ wo àtẹ ní àkókò yẹn. A nìkan ló ní òǹtẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gba ọ̀nà mìíràn dé D gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jáde láti A, ọ̀nà kan ṣoṣo mìíràn tó sì jáde láti A ni ti B. Kí ó tó fẹsẹ̀ tẹ B, ó ti ná 4. 4 ti ju 3 lọ. Ohunkóhun tó bá rìn láti ibẹ̀ yóò fi kún un ni, kò sí ọ̀nà tí yóò dín in kù. Nítorí náà kò lè dé D ní ohun tó kéré ju 3 láéláé, ibi yòówù kó yí gbà.

Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń ṣiṣẹ́ ní ìlà gbogbo. Nígbà tí a fi òǹtẹ̀ lu F ní 12, G nìkan ló kù, 16 ló sì ní. Ọ̀nà tó bá fẹ́ gba G wá sí F ti ná 16 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í padà bọ̀. Èyí tó kéré jù nínú àwọn tí kò ní òǹtẹ̀ kò ní ibi tí ohun tó kéré jù ú lè gbà wá bá a.

Bí èyí bá ṣì rí bí ọ̀rọ̀ ìwé létí yín, ẹ fojú inú wo omi. Ẹ ka àwọn ọ̀nà sí kòtò tó ṣófo, kí ẹ ṣí omi ní A, kí omi náà máa ṣàn gba gbogbo kòtò lẹ́ẹ̀kan náà, ní ìwọ̀n kan ní ìṣẹ́jú kan. Ní ìṣẹ́jú 3, omi kan D. Ní ìṣẹ́jú 4, ó kan B. Ní ìṣẹ́jú 7, omi tó gba B kan E. Omi tó gba D yóò dé E ní ìṣẹ́jú 10, yóò sì bá a pé ibẹ̀ ti tutù. Ní 12, F tutù. Ní 14, G. Òǹtẹ̀ ni àkókò tí omi kọ́kọ́ fọwọ́ kan oríta. Nọ́ńbà tí kò ní òǹtẹ̀ ni àkókò tí omi tó ti wọ kòtò lẹ́yìn yóò dé, bí kò bá sí omi mìíràn tó ṣáájú rẹ̀. Àtẹ wa kò ṣe ju pé ó fò láti ìgbà tí omi kan ibì kan dé ìgbà tí ó kan ibòmíràn, láìdúró de ìṣẹ́jú tí nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀ nínú wọn.

Bí iye ọ̀nà kan bá kéré ju 0

Ó yẹ kí ẹ ti máa rí ibi tí ọ̀rọ̀ yóò ti wó. Gbogbo agbára òǹtẹ̀ dúró lórí gbólóhùn kan: ìrìn síwájú ń fi kún iye ni, kì í dín in kù. Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀nà kan kún àwòrán wa, ọ̀nà àlọ nìkan, láti B sí D, tí iye rẹ̀ jẹ́ −2. Irú iye bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àròsọ: bí nọ́ńbà bá dúró fún owó, ọ̀nà tí ènìyàn ti jèrè dípò kó ná ni. Ìlànà wa yóò ṣe bó ti ń ṣe. Yóò fi òǹtẹ̀ lu A, yóò fi òǹtẹ̀ lu D ní 3, lẹ́yìn náà B ní 4. Láti B, 4 àti −2 jẹ́ 2. D yẹ kó jẹ́ 2, ṣùgbọ́n a ti fi òǹtẹ̀ lù ú ní 3, a kì í sì í wo ẹni tó ti ní òǹtẹ̀. Àtẹ yóò parí pẹ̀lú 3 lábẹ́ D, kò sí ohun kan tí yóò kígbe pé àṣìṣe wà. Ìyẹn ló burú jù níbẹ̀. Ìdáhùn jáde, ó mọ́ lójú, kò sì tọ́.

Àwọn kan máa ń rò pé àwọn lè tún un ṣe nípa fífi 2 kún gbogbo ọ̀nà, kí èyí tó kéré jù wá di 0. Ẹ dán an wò. A sí D di 5. A sí B di 6, B sí D di 0, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 6. Báyìí, ọ̀nà tààrà láti A sí D ló dà bí èyí tó kúrú jù, nígbà tí òótọ́ rẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà B ló kúrú. Ohun tó fà á ni pé ọ̀nà tó gba B ní ẹsẹ̀ méjì, ó sì san 2 lẹ́ẹ̀mejì, èyí tó lọ tààrà san án lẹ́ẹ̀kan. Fífi iye kan kún ọ̀nà gbogbo ń fìyà jẹ ọ̀nà tó bá ní oríta púpọ̀, kì í sì í ṣe ìbéèrè kan náà mọ́.

Fún irú àwòrán bẹ́ẹ̀, ìlànà tí a mọ̀ mọ́ orúkọ Bellman àti Ford ni à ń lò. Kì í fi òǹtẹ̀ lu ẹnikẹ́ni títí iṣẹ́ yóò fi parí, ó kàn ń yẹ gbogbo ọ̀nà wò léraléra, nítorí náà iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ jù. Ọ̀nà tí iye rẹ̀ jẹ́ 0 gan-an kò ní wàhálà lọ́dọ̀ Dijkstra, torí 0 kò dín ohunkóhun kù. Bí nọ́ńbà oríta méjì bá sì dọ́gba tí àwọn méjèèjì kéré jù, ẹ mú èyí tó bá wù yín. Ọ̀nà lè yàtọ̀, iye ìparí kò ní yàtọ̀.

Yíyẹ àtẹ yín wò

Tí ẹ bá ti parí àtẹ yín, ọ̀nà kan wà láti mọ̀ bóyá ó tọ́ láìtún iṣẹ́ ṣe, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo ọ̀nà mìíràn lọ. Ẹ kọ nọ́ńbà ìparí oríta kọ̀ọ̀kan sára àwòrán: A 0, B 4, D 3, E 7, F 12, G 14. Ẹ wá mú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà láàárín nọ́ńbà orí rẹ̀ méjèèjì. Ìyàtọ̀ náà kò gbọ́dọ̀ ju iye ọ̀nà náà lọ. Láàárín D àti E, ìyàtọ̀ jẹ́ 4, ọ̀nà jẹ́ 7, ó dára. Láàárín E àti F, ìyàtọ̀ 5, ọ̀nà 6. E àti G, ìyàtọ̀ 7, ọ̀nà 9. Ká ní a ti dúró níbi tí G jẹ́ 16 ni, ìyàtọ̀ F àti G ìbá jẹ́ 4 lórí ọ̀nà tó jẹ́ 2, ọ̀nà yẹn fúnra rẹ̀ ìbá sì tọ́ka sí àṣìṣe wa.

Àwọn ọ̀nà márùn-ún tó kù, A–B, A–D, B–E, B–F àti F–G, ìyàtọ̀ orí wọn bá iye wọn mu gẹ́lẹ́. Bí ẹ bá fi pẹ́ńsù tẹ̀ wọ́n dúdú, ẹ ó rí i pé àwọn gan-an ni lẹ́tà tí àtẹ kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà: A fún B, A fún D, B fún E, B fún F, F fún G.